Fótò Méjì, Ènìyàn Kan: Ojú Tó Tàn Tó sì Kún Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ara Le

Ọ̀rọ̀ fótò ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ mọ̀ pé bí ọjọ́ ìbí ẹnìkan bá pé nínú ẹgbẹ́, a máa ń wá fótò rẹ̀ àtijọ́ jáde, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ìsinsìnyí, a ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni àdúrà á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ wò ó bó ṣe ń tàn! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́! Ayé ń yẹ ọ́ o, àǹtí mi." Èmi náà máa ń ṣe àmín. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì tó ń rìn láti ilé dé ilé ní àdúgbò wa, mo ní èrò kan tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Èrò mi ni pé fótò méjì ti ẹnìkan ṣoṣo wúlò fún ìlera ju bí a ṣe ń lò ó lọ, ṣùgbọ́n òdì ni a ń kà á. Ohun tí à ń pè ní ayé rere lójú ẹlòmíràn, oògùn ló fà á, oògùn náà sì lè máa ba inú ara jẹ́.

Oògùn tí mò ń sọ ni sítẹ́rọ́ọ̀dù, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ túùbù kéékèèké tí àwọn ènìyàn ń pò mọ́ ìpara láti fi bó ara. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002 lórí àwọn oníṣòwò ní Èkó níbí fi hàn pé nǹkan bí 77 nínú 100 wọn ló ń lo ìpara tó ń mú ara pupa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rárá. Ọjà wa ni wọ́n ti ṣe é.

*Kí fótò méjì tó lè sọ òótọ́*

Ẹ má kàn mú fótò méjì kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdájọ́. Fótò máa ń parọ́. Iná gbọ̀ngàn ayẹyẹ ń mú ènìyàn pupa, òjìji abẹ́ agboòrùn ń mú ènìyàn dúdú. Páúdà àti fílítà inú fóònù ń nu gbogbo àpá kúrò. Bí ẹni tó ń ya fótò bá sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi, etí á kéré. Gèlè sì ń bo iwájú irun pátápátá.

Nítorí náà, ẹ wá fótò tí a yà ní ìta, ní ọ̀sán, tí ẹni náà kọ ojú síwájú, tí kò wé gèlè, tí ọwọ́ rẹ̀ sì hàn. Fótò ọjọ́ Kérésì tàbí ti ọjọ́ Fàǹtí ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde sábà máa ń dára fún èyí, nítorí ìta ni a wà, ọdọọdún ni a sì ń yà á.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí a ya fótò náà. Fótò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wáàsáàpù, ọjọ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ yín ni fóònù yín máa kọ sí i, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n yà á. Ẹ bi ẹni tó ni ín. Ti ilé ìyafótò àtijọ́ tó wà lára ògiri pálọ̀ ńkọ́? Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọdún sí i. Kí ẹ sì rántí pé fótò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà lè yí ọ̀tún padà sí òsì, bíi dígí. Àpá tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lè hàn bíi pé òsì ló wà.

Ọgbọ́n tó ga jù tí mo lè fún yín rèé. Ẹ má kọ́kọ́ fi ojú inú fótò kìíní wé ojú inú fótò kejì. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wé ọwọ́ nínú fótò kan náà. Iná kan náà ló tan sí ojú àti ọwọ́. Bí iná bá mú ojú pupa, ó yẹ kó mú ọwọ́ pupa pẹ̀lú. Bí ojú bá pupa, tí oríkèé ìka sì dúdú kirikiri, iná kọ́ ló ṣe é. Awọ orí oríkèé le, ìpara kì í wọ ibẹ̀ bó ṣe ń wọ ojú. Bákan náà ni ti sísanra: ẹ fi ojú wé apá, kí ẹ fi ikùn wé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá gbé fótò àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

*Ẹ jẹ́ kí a jọ ka fótò obìnrin kan*

N kò ní mú fótò ẹnikẹ́ni wá síbí. Ohun tí mo ti rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo kó jọ sára obìnrin kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí a ní ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó ń ta aṣọ ní Balógun, ó sì bímọ mẹ́ta. Fótò kìíní jẹ́ ti Kérésì 2019. Ìkejì jẹ́ ti Àjíǹde 2023. Ìta gbangba ni a ti ya méjèèjì, lọ́sàn-án.

Ní 2019, àwọ̀ ojú rẹ̀ àti ti ọwọ́ rẹ̀ bára mu. Ojú rẹ̀ gùn díẹ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ hàn. Ọrùn rẹ̀ gùn, ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ dé àyà. Apá rẹ̀ kún bí apá obìnrin tó ń gbé ẹrù aṣọ.

Ní 2023, ojú rẹ̀ ti pupa, ó sì ń dán. Oríkèé ìka rẹ̀ dúdú. Ìyẹn ni ẹgbẹ́ rí tí wọ́n fi ní ó ń tàn. Ẹ jẹ́ kí a wò síwájú. Ojú rẹ̀ ti yípo bí òṣùpá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún débi pé etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́ láti iwájú. Ẹ̀gbà ọrùn kan náà ti fún un lọ́rùn. Ẹran ti yọ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì. Ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ńkọ́? Apá rẹ̀ ti tín-ín-rín ju ti 2019 lọ.

Ibí ni kí a dúró sí dáadáa. Ẹni tó sanra nítorí oúnjẹ, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń sanra: ojú, apá, itan, ikùn, ìdí. Sítẹ́rọ́ọ̀dù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń kó ọ̀rá lọ sí ojú, ẹ̀yìn ọrùn àti ikùn, ó sì ń jẹ iṣan apá àti ẹsẹ̀. Ojú tó kún lórí apá tó ń tín-ín-rín, àmì tó yẹ kó ta wá lólobó ni.

Ẹ wo irun rẹ̀ náà. Irun wẹ́wẹ́ ti hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n rẹ̀, èyí tí kò sí níbẹ̀ ní 2019. Sítẹ́rọ́ọ̀dù lójú lè mú irun hù báyẹn. Iwájú irun orí rẹ̀ sì ti sá sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a di ẹ̀sùn gbogbo ru ìpara. Bí irun bá sá ní ẹ̀gbẹ́ etí, tí ìlà irun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ṣẹ́kù níwájú ibi tó pá, irun dídì tó le jù àti àtọwọ́dá irun tó wúwo ló sábà máa ń fà á. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹni kan ni wọ́n bá.

Tí a bá fẹ fótò náà tóbi, a lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké lábẹ́ awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí awọ ti tín-ín-rín. A lè rí rorẹ́ lára ẹni tí kò ní rorẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge. Bí ó bá wọ aṣọ aláìlápá, a lè rí ilà gbọọrọ bíi ti ìgbà tí aṣọ fẹ́ ya, lábẹ́ apá àti ní èjìká. Obìnrin tó bímọ lè ní irú ilà bẹ́ẹ̀ níkùn, ìyẹn kì í bani lẹ́rù. Ti abẹ́ apá tó fẹ̀, tó sì ń pọ̀ sí i, ni kí ẹ bèèrè nípa rẹ̀. Bí àmì dúdú tó jọ ẹ̀lú bá sì kó jọ sórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ìyẹn sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ oògùn bíbóra mìíràn tí wọ́n ń pè ní háídírókuínóònù, tí ènìyàn bá ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ a tún máa fi ìpara sí i láti pa á rẹ́, ìyẹn ló sì ń mú un dúdú sí i.

*Báwo ni ohun tí a fi pa ara ṣe dé inú ẹ̀jẹ̀?*

Ìbéèrè tí àwọn ìyá máa ń bi mí nìyí: "Nọ́ọ̀sì, n kò gbé e mì, ara ni mo fi pa." Awọ ara kì í ṣe ọ̀rá páálí. Ohun tó lágbára tí a bá fi pa á yóò wọlé, pàápàá lójú, lábẹ́ apá àti láàárín itan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Èyí tó lágbára jù nínú wọn, klobétásọ́ọ̀lù, ìlànà rẹ̀ ni pé kí àgbàlagbà má ṣe lò ju 50 gíráàmù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó má sì lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìdúró. Aláìsàn awọ ni wọ́n ṣe é fún, fún ibi kékeré kan lára. Ọ̀pọ̀ túùbù tó wà lọ́jà gba 30 gíráàmù. Bí obìnrin wa yìí bá fún túùbù méjì sínú ìgò ìpara lọ́sẹ̀, 60 gíráàmù ti wọ ara rẹ̀. Pípò tó pò ó mọ́ ìpara ńlá kò dín in kù, nítorí gbogbo ìgò náà ni yóò fi pa ara tán. Dípò ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún mẹ́ta ló fi ṣe é.

Ẹ wo ara páálí náà kí ẹ tó rà á. Bí orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bá parí sí s-o-l-o-n-e, s-o-n-e, tàbí a-s-o-l, ó ṣeé ṣe kí sítẹ́rọ́ọ̀dù ni, ẹ bi apòògùn tó ní ìwé ẹ̀rí. Èyí tó wà nínú ìgò tí wọ́n pò fún yín lọ́jà kò ní ìwé kankan lára, ẹ kò sì lè mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tí sítẹ́rọ́ọ̀dù ń ṣe nínú kò hàn nínú fótò. Ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, ó lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, ó lè sọ egungun di aláìlágbára, ó sì ń mú kí egbò pẹ́ kó tó san. Oníṣẹ́ abẹ tó bá fẹ́ rán irú awọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ mọ wàhálà tó wà níbẹ̀.

*Fótò kì í ṣe dókítà*

Ẹnu fótò kò ju ìbéèrè lọ. Ojú tó wú lè jẹ́ ti kíndìnrín: irú èyí sábà máa ń wú lówùúrọ̀ ní àyíká ojú, ẹsẹ̀ náà á wú, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ kókósẹ̀, ihò á kù síbẹ̀. Mẹ́kúrì tó wà nínú àwọn ọṣẹ àti ìpara bíbóra kan lè ba kíndìnrín jẹ́ báyìí. Ojú tó yípo lè jẹ́ ti oògùn làkúrègbé tí dókítà kọ fún un. Ara inú ara fúnra rẹ̀ lè máa pèsè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jù, láìsí ìpara kankan. Oyún ń yí ojú padà, kí nǹkan oṣù tó dúró náà ń yí ara padà. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé "o ń bó ara" nítorí fótò méjì.

Ohun tí yóò parí ọ̀rọ̀ ni àyẹ̀wò. Bí obìnrin àpẹẹrẹ wa bá dé ọ̀dọ̀ wa ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, a ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bí ó bá ń tó 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a ní láti ṣe nǹkan sí i. A ó wọn ìwúwo rẹ̀ àti ìbàdí rẹ̀. A ó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ níbí: ṣúgà tí sítẹ́rọ́ọ̀dù ń gbé dìde sábà máa ń ga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí ti òwúrọ̀ kùtù lórí òfìfo ikùn sì lè dára. Nítorí náà, bí wọ́n bá yẹ ti òwúrọ̀ nìkan wò, ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ti ẹ̀yìn oúnjẹ wò pẹ̀lú. Dókítà lè tún ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, láti mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ṣì ń pèsè sítẹ́rọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Ìdí tí àyẹ̀wò yẹn fi ṣe pàtàkì ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lónìí. *Ẹni tó ti ń fi sítẹ́rọ́ọ̀dù pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀ kò gbọdọ̀ kàn jù ú nù lọ́jọ́ kan.* Gbogbo wa ni Ọlọ́run dá sítẹ́rọ́ọ̀dù tiwa mọ́, lára ẹ̀yà kékeré tó wà lórí kíndìnrín. Nígbà tí ti ìta bá ń wọlé lójoojúmọ́, ẹ̀yà yìí á sùn. Bí a bá dá ti ìta dúró lójijì, kò ní jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àárẹ̀ á mú ènìyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa bì, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ gan-an, bí ibà tàbí iṣẹ́ abẹ bá sì bá a nínú ipò yẹn, ó lè gba ẹ̀mí. Ẹ tún mọ̀ pé awọ ara fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kó pọ́n, kó máa yún. Nígbà náà ni ọ̀pọ̀ á sáré padà sídìí ìpara, wọ́n á ní òun ló bá ara àwọn mu. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń gba túùbù lọ́wọ́ ọmọ yín, tí ẹ sì ń dà á sí gọ́tà pẹ̀lú ìbínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ gbé túùbù náà dání, kí ẹ bá a lọ sí ọsibítù.

*Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe*

Mi ò ní kí ẹ má gbé fótò méjì jáde lọ́jọ́ ìbí mọ́. Ẹ máa gbé e, kí ẹ máa gbàdúrà. Àmọ́ ẹ yé fi "o ti tàn" àti "o ti sanra" ṣe ìwọ̀n ayé rere. Obìnrin tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun, tí gbogbo ẹgbẹ́ wá ń yìn, báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé orí ń fọ́ òun, pé àtẹ̀gùn ilé ń nira fún òun láti gùn nítorí itan kò lágbára mọ́? Ìyìn wa ló pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ẹ bá rí ohun tí mo ṣàlàyé lára ẹnìkan, ẹ má sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, ẹ má sì fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí àgbà kan tó sún mọ́ ọn pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ lè sọ báyìí: "Ọmọ mi, mo wo fótò rẹ ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Apá rẹ ti tín-ín-rín, ikùn rẹ sì ti yọ. Ṣé ara rẹ le? Jẹ́ ká jọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò." Kò sí orúkọ ìpara nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí èébú. Bí ó bá dé iwájú nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ ohun tó ń lò.

Kí ẹ̀yin fúnra yín náà ya fótò kan ní ìta lọ́dọọdún, láìwé gèlè, kí ọwọ́ yín hàn, kí ẹ sì kọ ìwúwo yín sí abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú ti ọdún méjì dání. Bí ara bá ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ni ín kì í sábà rí i nínú dígí. Fótò ọdún tó kọjá ni yóò jẹ́rìí.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Ẹ pẹ́ fún wa o.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò yín, Pópó Àgùdà